Sọ́fítíwià ní mo jèrè 4,211 dọ́là, kò yé mi rárá: ẹ bá mi tò ó ní FIFO

TẹdàAlẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí, orí ti fẹ́ fọ́ mi. Ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra kọ́ìnì tí mo sì ń tà á, kò pọ̀, ẹ̀kísíténjì méjì ni mò ń lò, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ibi A àti ibi B. Mo dáńlódù fáìlì CSV tàwọn méjèèjì, mo kó wọn sínú sọ́fítíwià kan tó máa ń ṣírò èrè, mo yan FIFO torí òun ni wọ́n ní kí n lò, ló bá ní mo ti jèrè 4,211 dọ́là. Gbogbo owó tí mo kó síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ò ju 4,824 lọ o, mi ò sì rí nǹkan tó jọ 4,211 nínú àpò mi. Níbo ló ti wá?

Ohun tí mo ṣe rèé (mo yí iye owó padà díẹ̀ kó lè rọrùn kà):

10 oṣù kìíní, ibi A: mo ra 2 ETH ní 1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣáájì 15
20 oṣù kejì, ibi A: mo ra 1 ETH ní 1,800, ṣáájì 9
5 oṣù kẹta: mo yọ 2 ETH kúrò ní A lọ sí B, 1.995 ló débẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì jẹ 0.005, ETH wà ní 1,700 lọ́jọ́ yẹn
12 oṣù kẹrin, ibi B: mo ta 1.5 ETH ní 2,000, ṣáájì 12
3 oṣù kẹfà, ibi B: mo fi 0.4 ETH pààrọ̀ 38 SOL, ETH wà ní 1,900
18 oṣù keje, ibi B: mo ta 20 SOL ní 24, ṣáájì 2

Ó tán. Ìlà mẹ́fà péré.

AláròyéKan

4,211 kẹ̀! Àwọn olówó orí yìí ò láàánú. Àbúrò, má san án o. Owó tó ò ní, báwo ni wọ́n á ṣe ní kó o wá san án.

TẹdàAlẹ́

Rárá ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe owó orí ni 4,211 yẹn o, èrè tí wọ́n ní mo jẹ ni. Owó orí ò tíì wọ ọ̀rọ̀ náà, ìṣirò yìí ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ tọ́.

Kọ́ìnìMẹ́ta

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kó gbogbo owó tó o fi ra ETH pọ̀, 4,824 nìyẹn, pín in sí 3, ETH kan di 1,608. Ohunkóhun tó o bá tà, 1,608 ni kó o máa yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 1.5 tó o tà, 2,412 ló ná ẹ, 2,988 ló wọlé, èrè ẹ 576. Ó parí. Ti SOL yẹn, kì í ṣe títà, o kàn fi kọ́ìnì gba kọ́ìnì ni, kò sówó tó wọlé, o ò tíì jèrè kankan níbẹ̀ àfìgbà tówó bá dé báǹkì ẹ.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

Kọ́ìnìMẹ́ta, ìṣirò ẹ tọ̀nà, àmọ́ ohun tó béèrè kọ́ nìyẹn. Ohun tó o ṣe yẹn ni pé kéèyàn da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú agbada kan kó wá pín in dọ́gba-dọ́gba, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní United Kingdom ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n á kọ́kọ́ wo èyí tó o rà lọ́jọ́ kan náà tó o tà, wọ́n á wo èyí tó o rà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn títà, kí wọ́n tó wá dé orí agbada. FIFO yàtọ̀. Ìlà ni FIFO. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló máa kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú iye tó wọlé gan-an, kò sí pé à ń dà á pọ̀.

Ti SOL, mi ò gbà fún ẹ. Lọ́pọ̀ ibi tí mo mọ̀, Amẹ́ríkà àti United Kingdom wà níbẹ̀, téèyàn bá ti fi kọ́ìnì kan gba òmíràn ó ti ta àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò dìgbà tí báǹkì bá gbọ́. Mo máa padà sórí ìyẹn.

TẹdàAlẹ́, má dààmú, 4,211 yẹn ní ìtàn, mo ti tú u wò. Ibi mẹ́rin ló ti kó o jọ.

Àkọ́kọ́, sọ́fítíwià rí i pé 2 ETH jáde ní A lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta, kò mọ ibi tó gbà, ó bá ní o ti tà á ní iye ọjọ́ yẹn. 2 lọ́nà 1,700 jẹ́ 3,400, ojú owó ẹ̀, ìyẹn iye tó ná ẹ láti rà á, jẹ́ 3,015, ó kọ èrè 385 sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tà á o, ilé kan ló kúrò tó lọ sí èkejì.

Lẹ́yìn náà, ní B, ó rí 1.995 ETH tó kàn wọlé báyìí, kò rí ìwé rírà kankan fún un, ó bá kọ òdo síwájú ojú owó ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tó o wá ta 1.5, gbogbo 2,988 tó wọlé ló kà sí èrè. Nígbà tó o pààrọ̀ 0.4, gbogbo 760 ló tún kà sí èrè. Èyí tó kẹ́yìn ni 78 lórí SOL. Ro wọ́n pọ̀: 385, 2,988, 760, 78. 4,211 géérégé.

Kó o wá wò ó o, 78 ti SOL yẹn nìkan ló tọ̀nà nínú gbogbo ẹ̀. Ìdí ni pé ojú owó SOL wá láti iye tí ETH ń tà lọ́jọ́ tó o pààrọ̀, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iye tó o ra ETH.

TẹdàAlẹ́

Háà. Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé mi báyìí. Sọ́fítíwià yẹn kàn kọ òdo síbẹ̀ láìbi mí léèrè?

Ìwé_Àkọsílẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi àmì pupa kékeré kan síbì kan tẹ́nikẹ́ni ò ní wò. Nítorí náà kó o tó gba nọ́ḿbà èrè kankan gbọ́, lọ wo gbogbo ìlà tí wọ́n kọ `Deposit` sí àti gbogbo ìlà tí wọ́n kọ `Withdrawal` sí, kó o so wọ́n ní méjì-méjì. Ohun tó ń so wọ́n ni kọ́ìnì kan náà, àkókò tó sún mọ́ra (ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀), iye tó dọ́gba tàbí tó dín díẹ̀, àti pàápàá jù, `TxID` kan náà, nọ́ḿbà gígùn tó wà lórí blockchain yẹn. Tó bá ti bára mu, sọ fún sọ́fítíwià pé ẹrù tèmi ni mo gbé látọwọ́ ọ̀tún sọ́wọ́ òsì. Ojú owó àti ọjọ́ tó o rà á máa tẹ̀ lé e lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí kò lẹ́nì kejì, òun ló yẹ kó o jókòó tì: bóyá wọ́lẹ́ẹ̀tì kan wà tó o gbàgbé, bóyá ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí ẹ, bóyá ìwọ lo fi sanwó nǹkan.

Ó yá, ká tò ó. Mo fi ṣáájì rírà kún ojú owó, mo yọ ṣáájì títà kúrò nínú owó tó wọlé.

Ìdì kìíní: 2 ETH, 3,000 pẹ̀lú 15, ìyẹn 3,015. ETH kan di 1,507.50.
Ìdì kejì: 1 ETH, 1,809.

Nígbà tó o gbé 2 ETH kúrò ní A, ìdì wo ló gbéra? Tó bá jẹ́ FIFO là ń ṣe, ìdì kìíní ló wà níwájú ìlà, òun ló lọ. Ìdì kejì jókòó sí A, kò mira. 0.005 tí nẹ́tíwọ̀kì jẹ, mo kà á sí pé o fi ETH sanwó iṣẹ́: iye ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 8.50, ojú owó ẹ̀ 7.54, èrè 0.96. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, sẹ́ǹtì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ẹ má bú mi.

1.5 tó o tà ní B: 3,000 yọ 12 jẹ́ 2,988. Ojú owó 1.5 lọ́nà 1,507.50, ìyẹn 2,261.25. Èrè 726.75.

0.4 tó o fi gba SOL: iye ẹ̀ 760, ojú owó 603, èrè 157. 38 SOL wá wọ ìlà tiẹ̀ pẹ̀lú ojú owó 760, SOL kan 20, ọjọ́ tó o gbà á ni ọjọ́ ìbí ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó o ra ETH.

20 SOL tó o tà: 480 yọ 2 jẹ́ 478, ojú owó 400, èrè 78.

Àpapọ̀ 962.71. Kì í ṣe 4,211.

Kọ́ìnìMẹ́ta

Ó dáa, mo gbà pé FIFO yàtọ̀ sí tèmi. Àmọ́ mi ò tíì gbà fún SOL yẹn. 157 dọ́là yẹn dà? Níbo ló wà? Ẹ fi hàn mí.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

Ó wà nínú SOL. Wò ó báyìí: ká ní ó kọ́kọ́ ta 0.4 ETH, ó gba 760 dọ́là sọ́wọ́, ó wá fi 760 náà ra SOL lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣé wàá jiyàn pé kò jèrè 157? Nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀, ó kàn fò dọ́là tó wà láàárín ni. Tó bá sì wá kọ̀ láti kà á, á jẹ́ pé SOL ẹ̀ gbọ́dọ̀ ru ojú owó 603, 157 yẹn á kàn lọ fara pamọ́ sínú SOL títí dọjọ́ tó bá tà á. Ibì kan wà táwọn òfin gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò pọ̀. Ohun tí ò ṣeé ṣe ni kéèyàn ní òun ò jèrè lórí ETH kó tún fi 760 sí ojú owó SOL. 157 á wá pòórá lójú gbogbo wa.

Kọ́ìnìMẹ́ta

Hmm. Ó ní bó ṣe jẹ́. USDT ńkọ́? Èmi USDT ni mo máa ń tà sí.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

USDT náà kọ́ìnì ni, ó ní ìlà tiẹ̀. Tó o bá ta ETH sí USDT, o ti ta ETH. Tó o bá wá fi USDT ra nǹkan míì, o ti ta USDT, èrè tàbí àdánù ẹ̀ á máa wà nítòsí òdo, àmọ́ ìlà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, torí tó o bá fò ó, ohun tó o fi USDT rà ò ní rí ibi tówó ẹ̀ ti wá.

OlóríÌlà

Ẹ kú àlàyé. Tèmi tún burú ju tàbúrò yìí lọ. Ẹ̀kísíténjì tí mo kọ́kọ́ lò ti kógbá wọlé, ojú òpó wọn ò ṣí mọ́, n kò dáńlódù nǹkan kan nígbà tó ṣí. Mo ti gbé kọ́ìnì mi kúrò níbẹ̀ ṣáájú, ìyẹn ni mo fi ríbi sá, BTC 0.3 ló wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi báyìí, ìgbà mẹ́rin ni mo rà á, mi ò rántí iye. Kí ni mo máa kọ síbẹ̀? Ẹnì kan ní kí n kàn kọ iye tó ń tà lọ́jọ́ tó wọ wọ́lẹ́ẹ̀tì mi.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

Ẹ má tẹ̀ lé ẹni yẹn sà. Ọjọ́ tó wọ wọ́lẹ́ẹ̀tì yín kọ́ lọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ rà á nígbà tó pọ̀ lówó tẹ́ ẹ sì gbé e nígbà tó wálẹ̀, ẹ ti fọwọ́ ara yín dín ojú owó yín kù, tó bá sì jẹ́ òdìkejì ẹ̀, ẹ ti kọ ojú owó tí ẹ ò san.

Ẹ lọ síbi tówó ti jáde. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì yín á fi ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti iye tẹ́ ẹ san hàn, ojú owó gan-an nìyẹn, kò tilẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ iye tí BTC ń tà. Ẹ tún wá inú ímeèlì yín, àwọn ẹ̀kísíténjì máa ń fi rísíìtì ránṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá rà. Èyí tó lè ṣòro ni iye BTC tó wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lẹ máa fi iye owó ọjọ́ yẹn díwọ̀n, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá àpapọ̀ ẹ̀ sún mọ́ 0.3 àti owó nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é sílẹ̀. Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rí kankan rárá, ẹni tó ń gba owó orí lè sọ pé òdo lojú owó yín.

OlóríÌlà

Òdo! Sítétímẹ́ǹtì báǹkì ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́la.

Kódù_Kékeré

Èmi ò fọkàn tán sọ́fítíwià wọ̀nyẹn rárá, mo kọ tèmi ni. Kò gùn. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀ ni pé tí ìlà bá gbẹ kò ní kọ òdo, á yarí ni, á dúró, á ní kí n lọ wá ibi tó kù.

```python
from collections import deque
from decimal import Decimal as D

ila = deque()

def ra(iye, owo):
    ila.append([D(iye), D(owo) / D(iye)])

def ta(iye, owo):
    iye, oju_owo = D(iye), D(0)
    while iye > 0:
        if not ila:
            raise ValueError("ila ti gbe")
        k = min(iye, ila[0][0])
        oju_owo += k * ila[0][1]
        ila[0][0] -= k
        iye -= k
        if ila[0][0] == 0:
            ila.popleft()
    return D(owo) - oju_owo

ra("2", "3015")
print(ta("0.005", "8.50"))
print(ta("1.5", "2988"))
print(ta("0.4", "760"))
```

Ó gbé 0.9625, 726.75 àti 157.00 jáde fún mi, bá ti àǹtí mu. Kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀ o, ẹ má kó SOL sínú ìlà ETH. Ẹ sì fi nọ́ḿbà sínú àmì ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ṣe é yẹn, tẹ́ ẹ bá lò ó bíi nọ́ḿbà lásán, kọ̀ǹpútà á máa fi èérún kékeré sílẹ̀ níbi tó yẹ kó jẹ́ òdo, ìdì tó ti tán ò ní kúrò lórí ìlà.

TẹdàAlẹ́

Ẹ̀gbọ́n Kódù ẹ ṣeun, mo gbìyànjú ẹ̀, mo kó gbogbo fáìlì pọ̀ ní ẹ́kísẹ́ẹ̀lì, mo tò ó ní déètì, mo wá jẹ́ kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló pariwo `ila ti gbe`. Ìlà àkọ́kọ́ pàápàá! Mo ti so `Withdrawal` mọ́ `Deposit` o, mi ò mọ ohun tó kù.

Kódù_Kékeré

Déètì wo ló wà ní ìlà àkọ́kọ́?

TẹdàAlẹ́

`03/06`, ìyẹn pípààrọ̀ ETH sí SOL.

Kódù_Kékeré

Ó tán. Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì kà á bí ọ̀rọ̀, kò kà á bíi déètì. Ó ń tò ó bí ẹni ń to lẹ́tà: 03, 05, 10, 12, 18, 20. Oṣù ò kàn án. Ìyẹn ló jẹ́ kí oṣù kẹfà ṣáájú oṣù kìíní, o wá ń ta ETH tó ò tíì rà. Yí gbogbo ẹ̀ sí ọdún-oṣù-ọjọ́ pẹ̀lú wákàtí, bíi `2023-06-03 14:05:00`, kó o tó tò ó, àní tó bá tilẹ̀ kà á bí ọ̀rọ̀ á ṣì tò dáadáa.

Orí ẹ tiẹ̀ bá ẹ ṣe é tó yarí. Èyí tó léwu ni kí ọjọ́ dàrú kí ìlà má sì gbẹ, torí wàá kàn rí nọ́ḿbà tó dà bíi pé ó tọ́.

Tún wò ó bóyá wákàtí A àti ti B jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ fáìlì máa ń lo UTC, àmọ́ òmíràn á lo aago ibi tó o wà. Tó o bá gbé kọ́ìnì ní A tó o sì tà á ní B láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí kan péré tó bá yàtọ̀ ti mú títà ṣáájú dídé.

TẹdàAlẹ́

Chai. Mo ti tún un ṣe, ó ti ń lọ. Ó gbé 962.71 jáde. Ọpẹ́ o!

Ìbéèrè kan ló kù. 1 ETH tó kù ní A, mo tà á ní oṣù kẹjọ, kò sí nínú fáìlì tí mo kọ́kọ́ fi hàn yín. 1,900 ni mo tà á, ṣáájì 9.50. Sọ́fítíwià yẹn fún mi ní ibi tí mo ti lè yan `Universal` tàbí `Per wallet`, èrè wọn ò sì bára mu.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

Kò lè bára mu lóòótọ́. Owó tó wọlé jẹ́ 1,890.50. Tó bá jẹ́ pé ibì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tiẹ̀, ìdì kejì nìkan ló wà ní A, ojú owó ẹ̀ 1,809, èrè 81.50. Tó bá jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo lo ní fún gbogbo ETH ẹ níbikíbi, á jẹ́ pé 0.095 tó ṣẹ́ kù nínú ìdì kìíní, tó wà ní B, ló ṣì wà níwájú ìlà, òun ni wàá kọ́kọ́ mú: 143.21, kó o tó mú 0.905 nínú ìdì kejì, 1,637.15. Ojú owó di 1,780.36, èrè di 110.14. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò sọ nù, inú 0.095 tó ṣẹ́ kù ní B ló wà: tó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ojú owó ẹ̀ á wá jẹ́ ti ìdì kejì.

Èwo ni kó o lò? Ìyẹn wà lọ́wọ́ òfin ibi tó o ti ń sanwó orí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2025, ibì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tiẹ̀, wọn ò gba ìlà kan ṣoṣo mọ́. Níbòmíràn ó lè yàtọ̀. Èyí tó o bá ti mú, má yí i padà láàárín ọdún torí pé èkejì dín èrè kù.

Kọ́ìnìMẹ́ta

Ti owó nẹ́tíwọ̀kì yẹn ńkọ́ àǹtí, 0.005 yẹn. Ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé ní kí n má kà á sí títà rárá, kí n jẹ́ kí gbogbo 3,015 tẹ̀ lé 1.995 tó dé, ETH kan á di nǹkan bíi 1,511.28.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

Mo ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lè ní kò tọ̀nà. Àwọn kan náà wà tó ń sọ pé ojú owó 7.54 yẹn kàn ṣègbé ni, kéèyàn má fi kún ohunkóhun. Èyí tí mo ṣe yẹn ni mo rò pé ó rọrùn jù láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá bi mí. Fún ẹni tó ń gbé kọ́ìnì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò já mọ́ nǹkan. Fún ẹni tó ń gbé e lójoojúmọ́ nígbà tí owó nẹ́tíwọ̀kì wọ́n, ìyàtọ̀ ẹ̀ á tó ohun tí wọ́n máa jà lé lórí.

Kódù_Kékeré

Èmi fara mọ́ ti ẹni tó ń ṣe ìwé fún Kọ́ìnìMẹ́ta. Mi ò ta nǹkan kan, ọ̀nà ni mo sanwó ẹ̀.

Ìwé_Àkọsílẹ̀

O sanwó ọ̀nà lóòótọ́, ETH lo sì fi san án.

TẹdàAlẹ́, kó o tó fi ọwọ́ sí i, ṣe àyẹ̀wò kan, fún ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn. Owó tó o kó wọlé, 4,824, fi èrè 962.71 kún un, 5,786.71. Lẹ́yìn náà, owó tó padà sọ́wọ́ ẹ, 2,988 pẹ̀lú 478, fi ojú owó gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù kún un: 1 ETH ní A 1,809, 0.095 ETH ní B 143.21, 18 SOL 360, àti 8.50 tí nẹ́tíwọ̀kì jẹ. Òun náà 5,786.71. Apá méjèèjì bára mu. Èyí kàn ń sọ fún ẹ pé ìṣirò inú ìwé ò jò ni o. Kò sọ pé ìwé náà bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ṣí ibi A àti B, ka kọ́ìnì tó wà níbẹ̀ gan-an.

TẹdàAlẹ́

Àǹtí, mo ti kà á. A dáa. SOL pé 18. Àmọ́ ETH ní B, ìwé ní 0.095, ojú òpó wọn ní 0.0947. 0.0003 sọ nù. Ṣé kí n kàn fojú fò ó?

Kódù_Kékeré

Má fojú fò ó. Wo ìlà 3 oṣù kẹfà yẹn dáadáa, kọ́lọ́ọ̀mù `Fee`. O kọ ṣáájì fún gbogbo ìlà yòókù, o ò kọ tibẹ̀.

TẹdàAlẹ́

Òun ni o! `Fee 0.0003 ETH`. Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni pípààrọ̀, wọn ò yọ dọ́là ni mi ò ṣe rí i. Nítorí náà 0.4003 ló jáde fún 760, ojú owó ẹ̀ 603.45, èrè ibẹ̀ di 156.55. Àpapọ̀ 962.26. ETH tó kù ní B 0.0947, ojú owó ẹ̀ 142.76. Mo ti tún àyẹ̀wò àǹtí yẹn ṣe, apá méjèèjì jẹ́ 5,786.26.

Mo wá ń padà lọ tún ti oṣù kẹjọ ṣe.